Ògiri tó ń sá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Kẹ́ ẹ tó ra kírípítò torí pé ẹ rí ògiri ńlá lójú fóònù, ìyẹn ìlà kan tẹ́nì kan ti lóun fẹ́ ra ọjà rẹpẹtẹ tàbí tà á ní iye owó kan, ẹ gbọ́ eléyìí.

Ká ní SOL/USDT, ìyẹn iye USDT tí wọ́n ń ta ẹyọ SOL kan, wà ní 150.20. Ní 150.00, ẹnì kan lóun fẹ́ ra SOL 9,000, bẹ́ẹ̀ àwọn ìlà yòókù ò ju 300 lọ. Ẹ má tíì rà. Ẹ ṣí Trades, ibi tí ọjà tó ti tà ti máa ń hàn, kẹ́ ẹ máa wo òun àti ògiri náà pọ̀ bí iye owó ṣe ń sún mọ́ ibẹ̀. Tí 9,000 bá di 6,500, tí Trades sì fi hàn pé nǹkan bí 2,500 ti tà ní 150.00 gan-an, olówó wà nídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí iye owó bá di 150.03, tí 9,000 pòórá láìjẹ́ pé ẹyọ kan tà níbẹ̀, ẹni tó gbé e sílẹ̀ ló fà á yọ. Ó dà bí ẹni tó ń pariwo l'ọ́jà Òkè-Ajé pé òun á kó gbogbo gàrí tó wà nílẹ̀; ẹ gbé kóńgò jáde, ẹ ò ní rí i mọ́. Nígbà míì, á tún yọjú ní 149.80.

Bó ṣe rí lápá àwọn tó ń tà náà nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni jìbìtì o, àwọn tó ń rà tó ń tà pọ̀ máa ń yí iye wọn padà léraléra. Èmi ò ṣáà ní gbé sítọ́ọ̀pù mi, ìyẹn iye owó tí mo ní kí wọ́n ti bá mi tà kí àdánù má bàa pọ̀, sẹ́yìn ògiri tẹ́nì kankan ò tíì tà fún.