Bí Mo Ṣe Fi Ọwọ́ Ara Mi Wá Iṣan Tó Ń Ṣiṣẹ́

Oṣù méjì gbáko ni irin kílò 60 fi dá mi dúró lójú kan náà. Mo máa ń dùbúlẹ̀ lórí àga gbọọrọ, màá sọ irin náà kalẹ̀ kó kan àyà mi, màá sì tì í sókè. Yóò gbéra lórí àyà wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí apá mi bá ti fẹ́ nà tán, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, irin á sì dúró síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo lè tì í. Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà kì í lọ. Mo gbà pé àyà mi ni kò lágbára.

Kétu ni mò ń gbé, àgbàlá tí a sì ti ń gbé irin kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà. Sìmẹ́ǹtì tí a dà sínú agolo wàrà ló pọ̀ jù nínú ohun tí a ń gbé níbẹ̀, ìdí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra àgbàdo ni a sì ti wọ̀n ọ́n kó lè péye. Ẹ̀gbọ́n kan wà tó máa ń tọ́ wa sọ́nà. Àjàṣẹ́ ló ti kàwé nípa eré ìdárayá. Nígbà tí mo rojọ́ irin mi fún un, kò dé ọ̀dọ̀ àga rárá. Ó gbé agolo kílò 12 lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n ká apá mi wá sí èjìká.

Ó ní, "Tí o bá ń gbé e bọ̀ lókè, iṣan wo ló ń ṣiṣẹ́?"

Mo ní, "Ti iwájú apá ni, ẹ̀gbọ́n."

"Tí o bá ń sọ ọ́ kalẹ̀ ńkọ́?"

"Ti ẹ̀yìn apá."

"Fi ọwọ́ kejì kàn án kí o tó dáhùn."

Mo fi ọwọ́ òsì kan iwájú apá ọ̀tún, ó le bí òkúta. Mo kan ẹ̀yìn apá, ó rọ̀. Títí dé ibẹ̀, ohun tí mo rò náà ni. Mo wá ń sọ agolo náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo dá ọwọ́ mi dúró sẹ́yìn apá, mo ń retí kó le. Kò le. Mo gbé ọwọ́ bọ́ síwájú, iwájú ṣì le gan-an bíi ti àkọ́kọ́.

Ìdí rẹ̀ ni pé agolo ti wúwo tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ ló ń fà á. Kò sí ohun tí iṣan ẹ̀yìn apá fẹ́ tì. Iṣan iwájú ló ń dẹ okùn díẹ̀díẹ̀ kí agolo má bàa já lulẹ̀, bí ẹni tó ń sọ korobá sínú kànga ṣe máa ń di okùn mú nígbà tó bá ń dẹ ẹ́. Ìgbà tí mo gbé agolo jù sílẹ̀ tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ tábìlì mọ́lẹ̀ ni ẹ̀yìn apá mi tó le.

Àwọn tó kàwé nípa ara ń pe iṣan tó ṣe iṣẹ́ náà gan-an ní àgónísítì. Ọ̀gá iṣẹ́ ni èmi ń pè é. Èyí tó wà ní òdìkejì, tó yẹ kó dẹ̀ kí ọ̀gá lè ráyè, ni àńtàgónísítì, alátakò. Ṣùgbọ́n alátakò kì í sùn pátápátá. Nígbà tí mo gbé agolo tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yìn apá mi náà le díẹ̀, ó ń di oríkèé ìgbọ̀nwọ́ mú kó má bàa yẹ̀.

Olùrànlọ́wọ́, tí wọ́n ń pè ní sínájísítì, ló ṣòro fún mi jù láti rí. Ẹ̀gbọ́n ní kí n yí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sílẹ̀, kí n tún ká agolo kan náà. Tí àtẹ́lẹwọ́ bá kọjú sókè, mo lè ká a nígbà 10. Tó bá kọjú sílẹ̀, n kò lè kọjá 7. Iṣan iwájú apá so mọ́ egungun tó wà ní ìhà àtàǹpàkò, egungun yẹn sì máa ń yí tí ọwọ́ bá yí. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá ti kọjú sílẹ̀, ọ̀gá kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè fà mọ́. Iṣan kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó so mọ́ egungun ìhà ọmọdínrín, egungun yẹn kì í yí, nítorí náà bí ọwọ́ ṣe wù kó rí, iṣan yẹn ń fà. Òun àti iṣan kan lókè apá ìsàlẹ̀, ní ìhà àtàǹpàkò, ló wá gbé ẹrù tó pọ̀ jù. Ti apá ìsàlẹ̀ yẹn, mo fọwọ́ kàn án, ó yọ gbàgà. Ti abẹ́, ọwọ́ kò tó o.

Ìgbà yẹn ni a tó lọ sídìí àga. Ẹ̀gbọ́n dúró sórí mi, ó fi ìka kan iṣan mi bí mo ṣe ń ti irin. Iṣan àyà le, òun ni ọ̀gá. Iwájú èjìká le, olùrànlọ́wọ́ ni. Ó wá kan ẹ̀yìn apá mi, òun náà le kankan. Iṣan tó jẹ́ alátakò nígbà tí mò ń ká apá ti di olùrànlọ́wọ́ lórí àga, nítorí pé títì irin kò lè parí láìjẹ́ pé ìgbọ̀nwọ́ nà, òun ló sì ń nà án. Iwájú apá tó jẹ́ ọ̀gá tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sí òdìkejì, òun pẹ̀lú iṣan gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn tó máa ń fa apá sẹ́yìn. Kò sí iṣan tó ní orúkọ oyè kan títí ayé. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ló ń yan ipò fún un.

Ẹ̀gbọ́n wá bi mí pé, "Kí lo máa ń ṣe kí o tó dórí àga?"

Mo ní mo máa ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ etí àga lẹ́yìn mi, màá gbé ara mi sókè sódò, 15 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin, títí ẹ̀yìn apá á fi máa ta mí. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ti lo olùrànlọ́wọ́ tán kí n tó gbé e wá síbi iṣẹ́. Àyà mi kò tíì rẹ̀ nígbà tí apá bá kọ̀. Ó yẹ kí ibi tí irin ń dúró sí ti sọ fún mi: lókè, níbi tí ìgbọ̀nwọ́ ti fẹ́ nà, tí ẹ̀yìn apá ti níṣẹ́ púpọ̀. Ó yẹ kí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì náà ti sọ fún mi, torí ẹ̀yìn apá nìkan ló máa ń dùn mí.

A yí ètò padà. Àga ló ṣáájú, etí àga di ìkẹyìn. Mo tún ti máa ń di irin mú sún mọ́ra jù, èyí tó ń kó ẹrù fún ẹ̀yìn apá, nítorí náà mo la ọwọ́ sí i. Mo fẹ́ là á jù, ẹ̀gbọ́n dá mi dúró, ó ní nígbà tí irin bá kan àyà, kí apá ìsàlẹ̀ mi dúró ṣánṣán bí òpó, nítorí èjìká ló máa ń jìyà rẹ̀ tó bá gbà jù bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn ìsinmi, mo ti kílò 60 nígbà 7. Agbára kì í wọ ara láàárín ọjọ́ mẹ́ta, nítorí náà mo mọ̀ pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo dé 9. Ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá kọ̀, ṣùgbọ́n ibi tó kọ̀ sí ti yàtọ̀: ìwọ̀n ìka mẹ́rin péré ni irin fi kúrò lórí àyà. Nígbà tí mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àyà ló dùn mí.