Wọ́n pààrọ̀ mọ́dàbọ́ọ̀dù laptọ́ọ̀pù yín, Windows wá ní òun ò rí láísẹ́nsì: bí ẹ ṣe máa gbà á padà

Laptọ́ọ̀pù àbúrò mi obìnrin kan ṣá dédé kọ̀ láti tàn, àwọn tó bá a wò ó ní mọ́dàbọ́ọ̀dù ló jó, wọ́n bá fi òmíì rọ́pò ẹ̀. Ó gbà á padà, gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi ọ̀rọ̀ kan tó ń hàn fírífírí nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, `Activate Windows`. Ó wọ Settings, ó bá kọ́ọ̀dù `0xC004F211` níbẹ̀. Ló bá pè mí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ayédèrú ni wọ́n tà fún mi o." Mo ní kì í ṣe ayédèrú, Windows ò dá laptọ́ọ̀pù rẹ mọ̀ mọ́ ni.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, tí ẹ ò bá kọ́kọ́ lóye ẹ̀ ẹ máa kàn máa tẹ kọ́kọ́rọ́ Windows oríṣiríṣi, ìyẹn àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ákítífétì ẹ̀, tí kò ní gbà. Nígbà tí Windows 10 tàbí 11 bá kọ́kọ́ ákítífétì lórí ẹ̀rọ kan, á wo ohun tó wà lára ẹ̀rọ yẹn, mọ́dàbọ́ọ̀dù, díìsìkì, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtàwọn nǹkan míì, á fi gbogbo ẹ̀ ṣe àmì kan, bí ìgbà tí wọ́n ní kéèyàn tẹ̀ka. Àmì yẹn ló ń fi ránṣẹ́ sí sáfà Microsoft, àwọn náà á wá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn pé ẹ̀rọ tó ní àmì báyìí ní ẹ̀tọ́ sí Windows báyìí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá pa Windows rẹ́ tí ẹ tún gbé e sórí ẹ̀rọ kan náà, kì í bi yín ní kọ́kọ́rọ́ kankan, ó ti mọ̀ yín tẹ́lẹ̀. Ẹ lè fi rámù kún un, ẹ lè pààrọ̀ díìsìkì, ó sábà máa ń fojú fo ìyẹn. Mọ́dàbọ́ọ̀dù ló wúwo jù nínú àmì yẹn, tó bá ti yí padà, lójú sáfà ẹ̀rọ tuntun ni. Kò sẹ́ni tó gba láísẹ́nsì yín o, orúkọ ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò sí mọ́ ló ṣì wà.

Ibòmíì tún wà tí láísẹ́nsì máa ń sá pamọ́ sí. Láti ìgbà Windows 8, àwọn tó ń ṣe laptọ́ọ̀pù máa ń kọ kọ́kọ́rọ́ Windows, lẹ́tà àti nọ́ńbà 25, sínú mọ́dàbọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀. Tí bọ́ọ̀dù yẹn bá wá jáde, kọ́kọ́rọ́ bá a lọ nìyẹn. Bọ́ọ̀dù tuntun lè wá láìní nǹkan kan nínú, ó sì lè ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ ẹlòmíì nínú tó bá jẹ́ tòkunbọ̀.

Ó dáa, ká bẹ̀rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ ẹ má tíì pa Windows rẹ́, kẹ́ ẹ má sì tíì ra kọ́kọ́rọ́ kankan, kọ́kọ́rọ́ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà káàkiri yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ sá fún jù. Àwọn fáìlì yín ò lọ síbì kan, Windows tí ò ákítífétì ṣì ń ṣiṣẹ́, kò kàn ní jẹ́ kẹ́ ẹ yí àwòrán ojú ẹ̀ àti àwọ̀ ẹ̀ padà ni. Ẹ lásìkò dáadáa.

Ẹ wo déètì àti aago lápá ìsàlẹ̀. Mọ́dàbọ́ọ̀dù tuntun sábà máa ń gbé aago tí kò tọ̀nà wá, tí déètì bá sì ti ṣì, ákítífétì lè kọ̀. Ẹ tún un ṣe, ẹ so íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wá ṣí PowerShell gẹ́gẹ́ bí ádímín, kẹ́ ẹ tẹ méjì yìí:

```
slmgr /dli
(Get-CimInstance SoftwareLicensingService).OA3xOriginalProductKey
```

Ti àkọ́kọ́ á ṣí fèrèsé kékeré kan. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú `channel` níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Tó bá jẹ́ `OEM_DM`, láísẹ́nsì tó bá laptọ́ọ̀pù wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni. Tó bá jẹ́ `RETAIL`, ó sábà jẹ́ èyí tí ẹ fúnra yín rà tàbí tẹ́ ẹ fi ṣe ìgbéga. Tó bá jẹ́ `VOLUME_KMSCLIENT`, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ilé iṣẹ́ tàbí iléèwé ló ni ín, sáfà tiwọn ló máa ń ákítífétì ẹ̀, á sì máa tún un ṣe kó tó pé ọjọ́ 180, àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀.

Ẹ óò tún rí lẹ́tà márùn-ún tó kẹ́yìn kọ́kọ́rọ́ yín. Tó bá jẹ́ `3V66T` tàbí `8HVX7`, ẹ má rò pé tiyín nìkan nìyẹn kẹ́ ẹ wá lọ kọ ọ́ síbì kan, kọ́kọ́rọ́ àjùmọ̀lò ni, ti Pro àti ti Home tí í ṣe irú Windows méjì, Windows máa ń fi í dí àyè ni nígbà tí láísẹ́nsì gidi wà lórí sáfà. Ìlà kejì ní tiẹ̀ ń wo inú bọ́ọ̀dù. Tó bá mú kọ́kọ́rọ́ jáde, bọ́ọ̀dù tuntun ní tiẹ̀ nínú, tí kò bá mú nǹkan kan jáde, òfìfo ni. Ti àbúrò mi, òfìfo.

Ibi tó kàn ni ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń rí ojútùú. Nínú Windows 11 ẹ lọ sí Settings, System, Activation (ti Windows 10 wà lábẹ́ Update & Security), ẹ tẹ `Troubleshoot`. Á wò ó títí, á ní òun ò lè tún un ṣe, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bà yín nínú jẹ́, ẹ wá ìlà tó ní `I changed hardware on this device recently` kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Á ní kẹ́ ẹ wọlé pẹ̀lú akáǹtì Microsoft yín, èyí tí láísẹ́nsì so mọ́ tẹ́lẹ̀ o, kì í ṣe tuntun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Orúkọ àwọn ẹ̀rọ yín á tò síbẹ̀. Ẹ mú orúkọ tí laptọ́ọ̀pù yìí ń jẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe, ẹ fi àmì sí `This is the device I'm using right now`, ẹ tẹ `Activate`. Ohun tẹ́ ẹ ń sọ fún sáfà ni pé kó gbé láísẹ́nsì kúrò lára àmì àtijọ́ wá sára àmì tuntun yìí. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan nínú ẹ̀.

Àbúrò mi ṣe gbogbo ìyẹn, kò gbà, orúkọ laptọ́ọ̀pù ẹ̀ ò tiẹ̀ jáde. Mo bi í títí kó tó jẹ́wọ́: kó tó pè mí ẹnì kan ti ní kó pa Windows rẹ́ kó gbé tuntun sí i, ó sì ti ṣe é. Bọ́ọ̀dù ẹ̀ sì rèé, òfìfo, tó bá jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ wà nínú ẹ̀, Windows ì bá fúnra ẹ̀ mú irú tó yẹ. Wọ́n wá bi í pé Home ni àbí Pro, ó mú Home torí Home ló bá laptọ́ọ̀pù náà wá nígbà tó rà á. Ó ti gbàgbé pé òun ti sanwó fún Pro lẹ́yìn ìgbà yẹn! Ìgbà tá a ṣí ibi tí akáǹtì ẹ̀ ń kọ ohun tó rà sí la rí i níbẹ̀. Láísẹ́nsì Home ti bá bọ́ọ̀dù tó jó lọ, èyí tó wà lórí sáfà tó sì so mọ́ akáǹtì ẹ̀, ti Pro ni, láísẹ́nsì Pro ò sì lè ákítífétì Home láé. Irú Windows gbọ́dọ̀ bára mu, èyí ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró tí wọ́n á ní sáfà ló bàjẹ́.

Ohun tá a ṣe nìyí. A yọ íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò, a lọ sí Activation, a tẹ `Change product key`, a wá tẹ kọ́kọ́rọ́ àjùmọ̀lò ti Pro sí i:

```
VK7JG-NPHTM-C97JM-9MPGT-3V66T
```

Kọ́kọ́rọ́ yìí kì í ákítífétì nǹkan kan, ó kàn máa ń sọ Home di Pro ni, torí náà ẹni tí kò bá ní láísẹ́nsì Pro tẹ́lẹ̀, kò wúlò fún un. Laptọ́ọ̀pù pa, ó tún tàn, kò pa fáìlì kankan rẹ́, ó ti di Pro, àmọ́ kò tíì ákítífétì. A dá íńtánẹ́ẹ̀tì padà, a tún lọ sídìí `Troubleshoot`, lọ́tẹ̀ yìí orúkọ àtijọ́ laptọ́ọ̀pù náà jáde gbangba. A mú un, a tẹ `Activate`, ó parí. Kó lè dá a lójú mo ní kó tẹ `slmgr /xpr`, ó sì rí i pé ó ti ákítífétì títí láé.

Tí orúkọ ẹ̀rọ yín ò bá jáde rárá tí irú Windows sì bára mu, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má so láísẹ́nsì mọ́ akáǹtì kankan rí kí bọ́ọ̀dù tó bàjẹ́, ẹ ò sì lè so ó lẹ́yìn tí bọ́ọ̀dù ti lọ. Iye ìgbà tí wọ́n máa gbà kẹ́ ẹ gbé láísẹ́nsì kan kiri náà sì níwọ̀n. Tẹ́ ẹ bá ra Windows lọ́tọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ tẹ̀ ẹ́, láísẹ́nsì tẹ́ ẹ dá rà ṣeé gbé láti ẹ̀rọ kan lọ sí òmíì, ẹ kàn má lò ó lórí méjì pa pọ̀. Tó bá jẹ́ èyí tó bá laptọ́ọ̀pù wá, lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe laptọ́ọ̀pù ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, àbí lọ́dọ̀ àwọn tó ń dáhùn oníbàárà ní Microsoft. Ẹ mú rìsíìtì tẹ́ ẹ fi ra laptọ́ọ̀pù àti ti àtúnṣe náà dání. Òfin Microsoft fúnra ẹ̀ sọ pé láísẹ́nsì tó bá kọ̀ǹpútà wá kú pẹ̀lú mọ́dàbọ́ọ̀dù, àyàfi tó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀dù bàjẹ́ ni wọ́n ṣe pààrọ̀ ẹ̀, tí wọ́n sì fi irú ẹ̀ gan-an tàbí èyí tí ilé iṣẹ́ náà kà sí arọ́pò rọ́pò ẹ̀. Nígbà yẹn ẹ ò nílò láísẹ́nsì tuntun, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá fi bọ́ọ̀dù tó dáa jù ú lọ rọ́pò nítorí pé ó wù ú, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀.

Ẹni tí bọ́ọ̀dù ẹ̀ ò tíì bàjẹ́ ń kọ́? Ẹ wo Activation nísìnyí. Tó bá kọ `Windows is activated with a digital license linked to your Microsoft account`, ẹ ti so ó. Tí kò bá ní `linked`, ẹ tẹ `Add an account` níbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbé laptọ́ọ̀pù fún ẹni tó máa tú u, ẹ tún wo `account.microsoft.com/devices/recoverykey` kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà gígùn oní-díjíìtì 48 tó bá wà níbẹ̀ sórí bébà. Tí BitLocker bá ti díìsìkì yín pa, ó ṣeé ṣe kó béèrè nọ́ńbà yẹn lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀dù tuntun bá kọ́kọ́ tàn, kẹ́ ẹ tó débi ọ̀rọ̀ láísẹ́nsì rárá. Ẹni tí kò bá rí i, fáìlì ẹ̀ ló máa ṣọ̀fọ̀, kì í ṣe láísẹ́nsì.