Bí mo ṣe dáhùn nígbà tí ẹni tí mo dẹnu ìfẹ́ kọ sọ pé rárá

Ibi iṣẹ́ kan náà la wà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún un lójúkojú, mo sì fi kún un pé kò di dandan kó dáhùn lójú ẹsẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni ìdáhùn dé sórí fóònù: "Mo fẹ́ràn ìwà rẹ gan-an, àmọ́ mi ò rò pé mo tíì ṣetán fún irú ìyẹn. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

"Tíì" inú ọ̀rọ̀ yẹn ló lè tan èèyàn jẹ, torí ó dà bí ilẹ̀kùn tí wọn ò tì tán. Ẹni tó ń kọ̀ tí kò sì fẹ́ dun ẹlòmíì ló sábà máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí o dúró lóòótọ́ á dárúkọ ìgbà, tàbí ohun tó ń dúró dè: "Jẹ́ kí n parí ìdánwò yìí ná, ká wá sọ̀rọ̀." Èyí kò dárúkọ nǹkan kan. Mo kà á sí rárá.

Mi ò kọ èsì sínú ojú ìwé tí a ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀, torí ìka lè ṣèèṣì fi í ránṣẹ́, onítọ̀hún náà sì lè máa rí i pé mò ń kọ, mò ń dáwọ́ dúró, mo tún ń kọ. Ibi tí mo máa ń kọ nǹkan pamọ́ sí lórí fóònù ni mo kọ ọ́ sí. Bó ṣe kọ́kọ́ rí nìyí:

"O ṣeun tí o dá mi lóhùn. Ṣé mo ṣe ohun kan tí kò dáa ni? Má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu, kì í kúkú ṣe ọ̀rọ̀ tó le. Tí o bá yí èrò padà, mo wà ńbẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, mo sì padà kà á bíi pé èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí. Gbólóhùn kìíní nìkan ló yè. Ìbéèrè yẹn ń fi tipátipá gba àlàyé lọ́wọ́ ẹni tí kò jẹ mí ní àlàyé, ìdí yòówù tó bá sì mú wá, màá fẹ́ jà á níyàn. "Kì í kúkú ṣe ọ̀rọ̀ tó le" jẹ́ irọ́, ó sì sọ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ Ẹtì di yẹ̀yẹ́. Èyí tó kẹ́yìn ló burú jù, torí pé ẹ̀bẹ̀ ni, ó kàn wọṣọ ìwà pẹ̀lẹ́ ni.

Ohun tí mo fi ránṣẹ́ nìyí, kí ọ̀sán tó pọ́n:

"O ṣeun tí o sọ òótọ́ fún mi. Mi ò bínú. Mi ò ní dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́, iṣẹ́ wa á sì máa lọ bó ṣe ń lọ."

Mi ò jẹ́ kó di ọjọ́ kejì, nítorí tí èsì bá pẹ́, ẹni tó kọ̀ á máa rò pé mo ń bínú. Mi ò sì pa ọ̀rọ̀ kankan tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Àmì pé a pa á rẹ́ máa ń hàn síta, ó sì máa ń jọ ti ẹni tí ojú ń tì. Kí ló wá yẹ kó tì mí lójú níbẹ̀?

Ọjọ́ Ajé ló le. Ìkíni ni àṣírí ti máa ń tú. Ẹni tí mo ti ń pè ní "o" tẹ́lẹ̀, tí mo bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í kí pé "Ẹ káàárọ̀", èébú ni, bó tilẹ̀ jọ ọ̀wọ̀. Mo kí i bí mo ṣe ń kí i, mo béèrè ìwé tí mo fẹ́ gbà, mo sì lọ. Mi ò dápàárá púpọ̀ láti fi hàn pé ara mi le, torí àṣejù yẹn náà hàn bíi ti ìbínú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló sọ pé, "Ṣé a ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́?" Mo ní, "A ò jà. Àmọ́ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ ná kí n tó tún máa tẹ̀ ọ́ láago lálẹ́." Ká ní mo sọ pé bẹ́ẹ̀ ni láìronú, màá máa fi orúkọ ọ̀rẹ́ ṣọ́ ilẹ̀kùn ni. Mo gbé àwòrán tó ń gbé sórí fóònù kúrò lójú mi láìyọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún, onítọ̀hún kò sì mọ ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ wa.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn náà, ẹnì kan mẹ́nu bà á lójú mi pé ẹni tí mo dẹnu ìfẹ́ kọ yẹn ti ní àfẹ́sọ́nà. Ó dùn mí díẹ̀, àmọ́ mi ò béèrè ta ni. Ìgbà yẹn ni mo tó padà máa tẹ̀ ẹ́ láago.