Ìkọlù mẹ́ta lórí pákó kan: bí mo ṣe fi mòmẹ́ńtọ̀mù yẹ̀ wọ́n wò

Tí kẹ̀kẹ́ méjì bá kọlu ara wọn tí wọ́n sì pínyà, ọ̀pọ̀ ló máa ń yára kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìkọlù ẹlásíìkì ni. Pé wọ́n pínyà kò tíì fi ìyẹn hàn. Mo mú kẹ̀kẹ́ kékeré méjì, mo jẹ́ kí wọ́n kọlu ara wọn lọ́nà mẹ́ta lórí pákó kan náà: ọ̀nà kìíní, wọ́n lẹ̀ mọ́ra, ọ̀nà kejì, òòfà ló ń lé wọn kúrò lára ara wọn, ọ̀nà kẹta, pákó lu pákó. Mòmẹ́ńtọ̀mù wọn kò yí padà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Agbára ìrìn ló yàtọ̀, òun náà la sì fi ń dá ìkọlù kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì.

Mòmẹ́ńtọ̀mù ni ohun tí a rí nígbà tí a bá fi ìyára nǹkan sọ ìwọ̀n rẹ̀ di púpọ̀, p = mv. Ó ní ìhà tó kọjú sí, nítorí náà ohun tó ń lọ sí ọ̀tún àti ohun tó ń lọ sí òsì kì í ní àmì kan náà. Agbára ìrìn ni ½mv², kò sì bìkítà nípa ọ̀tún tàbí òsì. Ní ti ọ̀rọ̀ ẹlásíìkì fúnra rẹ̀, ẹ rántí lásíìkì tí télọ̀ ń fi sí ìdí ṣòkòtò: ẹ fà á, ó gùn, ẹ fi í sílẹ̀, ó padà sí bó ṣe wà, ó sì dá agbára tí ẹ fi fà á padà. Ìkọlù ẹlásíìkì náà nìyẹn.

Pákó tí mo lò gùn tó mítà 2, wọ́n ti fi ìfági fá a dán. Mo kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí rẹ̀ méjèèjì kí kẹ̀kẹ́ má baà yà kúrò lójú ọ̀nà. Táyà àwọn kẹ̀kẹ́ náà ní bíárìn nínú. Mo gbé wọn ka orí òṣùwọ̀n ìdáná tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan, mo sì di ẹrù sí wọn títí A fi jẹ́ 0.40 kg, tí B sì jẹ́ 0.60 kg. Nọ́ọ̀tì irin ni mo fi ṣe ẹrù, mo fi téèpù dì wọ́n pinpin. Ẹ má ṣe lo àpò iyanrìn. Iyanrìn máa ń ṣí kiri nínú àpò nígbà ìkọlù, á sì jẹ agbára, ẹ ó wá máa wá ibi tí agbára náà gbà lọ kiri.

Kí kẹ̀kẹ́ tó kọlu ara wọn rárá, ìfarakínra táyà àti pákó ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá jà, torí pé òun náà ń dín mòmẹ́ńtọ̀mù kù. Mo ń ki páálí sábẹ́ ìkángun pákó kan lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, mo ń ti A díẹ̀, mo sì ń wò ó. Bí ó bá ń falẹ̀ bó ṣe ń lọ, mo á fi páálí kan kún un; bí ó bá ń yára sí i, mo á yọ ọ̀kan. Ibi tó ti ń lọ ní ìyára kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin ni mo ti dúró. Ìdagẹ̀rẹ̀ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí B fi lè dúró sójú kan láìyí fúnra rẹ̀.

Fóònù ni mo fi wọn ìyára. Mo gbé e dúró sí ẹ̀gbẹ́ pákó, ó kọjú sí àárín gbùngbùn, mo sì yan fídíò tó ń rìn jẹ́jẹ́, èyí tó ń ya fíréèmù 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fíréèmù 24 wá jẹ́ ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn 0.2 s. Mo lẹ téèpù aláwọ̀ pupa mọ́ ara kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo fi rúlà gígùn lélẹ̀ létí pákó, mo sì ń ka iye sẹ̀ǹtímítà tí téèpù náà fi sún láàárín fíréèmù 24.

Ohun kan wà níbí tó yẹ kí ọkàn yín balẹ̀ lé lórí. Bí rúlà yín bá wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ díẹ̀, tí gígùn tí ẹ ń kà kò fi pé pérépéré, tàbí tí fóònù ń ya fíréèmù 118 dípò 120, àṣìṣe kan náà ló máa wọ gbogbo ìyára, ti ṣáájú àti ti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá wá fi ọ̀kan pín èkejì, àṣìṣe náà á pa ara rẹ̀ rẹ́. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni kí àṣìṣe náà máa yí padà láàárín fídíò kan ṣoṣo. Ìmọ́lẹ̀ tí kò tó ló sábà máa ń fà á: nínú yàrá tó ṣókùnkùn, àwọn fóònù kan máa ń dín iye fíréèmù kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìta ni mo ti ya tèmi, ní ọ̀sán.

Fún ìkọlù kìíní, mo lẹ aṣọ gbágbágbá mọ́ iwájú A àti ẹ̀yìn B, irú èyí tó wà lára bàtà ọmọdé tó máa ń dún fàà tí a bá ń ya á. Mo ti A, B dúró. Kí ó tó kàn án, A sún sẹ̀ǹtímítà 10.0 nínú fíréèmù 24, ìyẹn 0.50 m/s. Lẹ́yìn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, àwọn méjèèjì jọ sún 3.9, ìyẹn 0.195 m/s.

```
p ṣáájú   = 0.40 × 0.50  = 0.200
p lẹ́yìn   = 1.00 × 0.195 = 0.195
```

Àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Mìlímítà kan ṣoṣo tí ojú bá ṣì kà lórí 3.9 tó láti fà á, nítorí náà mo gbà pé mòmẹ́ńtọ̀mù dúró. Agbára ìrìn kò dúró: ½ × 0.40 × 0.50² jẹ́ 0.050 J ṣáájú, ½ × 1.00 × 0.195² sì jẹ́ 0.019 J lẹ́yìn. Ohun tó ju ìdajì lọ ti wọ inú ariwo, ooru àti òwú aṣọ tó tẹ̀. Ìwọ̀n kẹ̀kẹ́ ló ń pinnu iye tó máa ṣẹ́kù. Bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra, tí èyí tí wọ́n kọlù sì dúró tẹ́lẹ̀, ìpín tó kù ni ìwọ̀n èyí tó ń bọ̀ tí a fi ìwọ̀n àwọn méjèèjì pín, èyí tó jẹ́ 0.40 ÷ 1.00 níhìn-ín. Ká ní B ló wá kọlu A, 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ì bá ṣẹ́kù.

Fún ìkejì, mo tú òòfà inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì tó ti bàjẹ́, mo fi gúlúù lẹ ọ̀kan mọ́ kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́nà tí ojú kan náà fi kọjú síra, kí wọ́n lè máa ti ara wọn. Mo tún gbé kẹ̀kẹ́ wọ̀n, mo sì yọ nọ́ọ̀tì díẹ̀ títí ìwọ̀n fi padà sí ti tẹ́lẹ̀. A tún wá ní 0.50 m/s. Àwọn méjèèjì kò fara kanra: B ṣí lọ ní sẹ̀ǹtímítà 7.8, ìyẹn 0.39 m/s, A sì padà sẹ́yìn ní 1.8, ìyẹn 0.09 m/s.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń subú. Bí ẹ bá gbàgbé pé A ti yí padà, ẹ ó ṣírò 0.40 × 0.09 + 0.60 × 0.39, ẹ ó sì rí 0.270. Mòmẹ́ńtọ̀mù ti gba 0.200 lọ, ó wá di 0.270 láìsí ẹni tó tì í! Ìgbàkigbà tí èsì bá pọ̀ ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ báyìí, àmì àyọkúrò ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí a bá fi í síbẹ̀, −0.036 + 0.234 jẹ́ 0.198, ó sì bá 0.200 mu. Agbára ìrìn lẹ́yìn jẹ́ 0.0016 + 0.0456, ìyẹn nǹkan bíi 0.047 J nínú 0.050. Mo pè é ní ẹlásíìkì, pẹ̀lú àlàyé: ìyára ni a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ nínú agbára ìrìn, nítorí náà àṣìṣe inú ìyára di ìlọ́po méjì níbẹ̀. Rúlà mi kò lè fi ìyàtọ̀ 94 sí ọgọ́rùn-ún han ẹnikẹ́ni dáadáa.

Ìṣọ́ra méjì kan wà fún òòfà. Ìdagẹ̀rẹ̀ tí a ṣe fún A nígbà tó ń lọ síwájú kò ràn án lọ́wọ́ nígbà tó bá ń padà bọ̀. Òkè ló ń gùn, ìfarakínra náà sì tún ń fà á. Kí ẹ ka fíréèmù 24 rẹ̀ ní kété tí òòfà bá ti fi í sílẹ̀. Èkejì, bí ẹ bá ti A ju bó ṣe yẹ lọ, òòfà kò ní lè dá a dúró. Ẹ ó gbọ́ “kọ́!”, irin ti lu irin nìyẹn. Ẹ pa fídíò yẹn rẹ́.

Ìkẹta ló ń tan ènìyàn. Mo tú òòfà kúrò, mo dá ìwọ̀n padà, mo sì jẹ́ kí pákó lu pákó. A wá ní 0.50 m/s, lẹ́yìn ìkọlù, ó ń bá a lọ síwájú ní 0.05, B sì ń sáré ní 0.295. Wọ́n pínyà dáadáa. Mòmẹ́ńtọ̀mù: 0.020 + 0.177 = 0.197. Agbára ìrìn: 0.0266 J péré, ìyẹn 53 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdajì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, síbẹ̀ ẹni tó ń fojú lásán wò ó á ní ẹlásíìkì ni.

Ọ̀nà kúkúrú wà tí kò nílò ìwọ̀n kankan. Ẹ ṣírò bí kẹ̀kẹ́ méjèèjì ṣe yára tó láti jìnnà síra lẹ́yìn ìkọlù, kí ẹ fi bí wọ́n ṣe yára tó láti súnmọ́ra pín in. Aṣọ tó lẹ̀ fún mi ní 0. Pákó fún mi ní (0.295 − 0.05) ÷ 0.50, ìyẹn 0.49. Òòfà fún mi ní (0.39 + 0.09) ÷ 0.50, ìyẹn 0.96. 1 ni ẹlásíìkì gidi, 0 ni ìlẹ̀mọ́ra pátápátá, ọ̀pọ̀ ìkọlù tí à ń rí lójoojúmọ́ sì wà láàárín méjèèjì.

Mo padà sí fídíò òòfà, mo ń sún un ní fíréèmù kọ̀ọ̀kan títí mo fi dé ibi tí A àti B ti súnmọ́ra jù lọ. Láàárín fíréèmù mẹ́rin tó yí ibẹ̀ ká, téèpù pupa méjèèjì jọ sún mìlímítà 6 sí 7 lọ sí ìhà kan náà, ìyẹn nǹkan bíi 0.20 m/s. Ìyára tí wọ́n ní nígbà tí aṣọ so wọ́n pọ̀ gan-an nìyẹn, agbára ìrìn wọn sì ti wá sí nǹkan bíi 0.020 J níbẹ̀ pẹ̀lú. Nǹkan bíi 0.030 J tó kù wà láàárín òòfà méjèèjì. Fíréèmù mélòó kan lẹ́yìn náà, òòfà dá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà. Aṣọ kò dá ohunkóhun padà.