Tíṣà tó fẹ́ gba iṣẹ́ kọ́díńétọ̀ póròjẹ́ẹ̀tì: bí ẹ ṣe máa kọ ímeèlì tẹ́ ẹ máa fi béèrè iṣẹ́ náà

Ẹ̀yin tíṣà sẹ́kọ́ńdírì wa l'Ákùúrẹ́, tí ẹnjíò kan ní Alágbàká bá ń wá kọ́díńétọ̀ póròjẹ́ẹ̀tì, ẹ má kàn kọ̀wé pé "mo ti ṣe tíṣà fún ọdún mẹ́jọ, mo sì máa ń ṣiṣẹ́ kára". Kí ni ẹni tó ń ka á fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ẹni tó ń wá ni ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ tó ní dẹ́ẹ̀dì-láìnì, tó ní owó nínú, tó sì kan àwọn èèyàn tí ò lè pàṣẹ fún.

Ẹ kọ́kọ́ ka ìpolówó náà, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ nǹkan méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ń tẹnu mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wá iṣẹ́ kan ṣoṣo nílé ìwé yín tó bá a mu. Ní tèmi o, ìforúkọsílẹ̀ Wáẹ́kì dáa ju ìkọ́ni ní kíláàsì lọ, torí owó wà níbẹ̀, fọ́tò wà níbẹ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ tẹ̀ka, máàkì CA sì wà lọ́wọ́ àwọn tíṣà tí wọ́n ń sọ pé "ọ̀la" lójoojúmọ́, pọ́táàlì ò sì ní dúró de ẹnì kankan.

Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́, àmọ́ báyìí ló ṣe máa lọ, ká ní ọmọ 118 ló wà ní SS3:

"Èmi ni mo wà nídìí ìforúkọsílẹ̀ Wáẹ́kì ọmọ 118 lọ́dún tó kọjá. Mo ṣètò ọjọ́ tí kíláàsì kọ̀ọ̀kan máa tẹ̀ka, mò ń kọ owó tó wọlé sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún bọ́sà, mo sì gba máàkì lọ́wọ́ tíṣà mọ́kànlá. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dà wá láàmú lọ́sàn-án, mo gbé iṣẹ́ náà sí àárọ̀ kùtù. A parí kí wọ́n tó ti pọ́táàlì, kò sì sí ọmọ tó san àfikún owó."

Ẹ rí i pé tíṣà tó kọ èyí kò pe ara rẹ̀ ní máníjà póròjẹ́ẹ̀tì? Ẹ má pe ara yín bẹ́ẹ̀ o, tí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè kan péré lórí ẹ̀ ní intafíù, ó ti tú nìyẹn. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ẹni tó ti kọ ripọ́ọ̀tù fún àwọn tó ń fowó ṣètìlẹ́yìn, tẹ́ ẹ ò sì ṣe é rí, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi kún un pé ẹ máa ń kọ ripọ́ọ̀tù owó fún PTA, tó bá jẹ́ òótọ́.

Ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ kúrò ní tíṣà, gbólóhùn kan ti tó, ẹ má sọ̀rọ̀ owó oṣù tàbí pirinsípà níbẹ̀ rárá. Ẹ fi orúkọ iṣẹ́ náà àti orúkọ yín ṣe àkọlé ímeèlì, ẹ so síífì mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì fi ímeèlì tara yín ránṣẹ́, kì í ṣe ti ilé ìwé, torí ẹni tó ń bójú tó o níbẹ̀ lè kà á kí pirinsípà tó gbọ́ lẹ́nu yín.