Ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ rò pé òun ti mọ̀: àṣìṣe nínú ìdánwò ìwé ní Ìlú Ọba

Ọdún 11 ni àbúrò ọkọ mi fi wa takisí ní Ìbàdàn kó tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé àṣẹ tó mú ti ilé wá, oṣù 12 péré ló lè fi wakọ̀ níbí látìgbà tó ti di olùgbé. Tí oṣù náà bá ti pé, ìdánwò di dandan. Ti orí kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ ń wá: ìbéèrè 50 ní ìṣẹ́jú 57, èèyàn sì gbọ́dọ̀ gba 43. Láti oṣù kẹrin ọdún 2014, kò sí ògbufọ̀ mọ́ níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tàbí èdè Wẹ́ẹ̀ṣì ni.

Ó gba 41. Nígbà tá a jọ jókòó ti ìbéèrè ìdánrawò, mo rí i pé ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ kọ́ ló gbé e ṣubú, torí ó máa ń wá ìtumọ̀ ìyẹn. Èyí tó dá lójú pé òun mọ̀ ni.

Ẹ má ṣe máa tú ọ̀rọ̀ ní ẹyọ-ẹyọ. Ó rí `nearside` lójú kọ̀ǹpútà, ó ní, “Ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ mi nìyẹn, ìyàwó wa.” Apá ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó sí níbí, nítorí náà ó mú apá ọ̀tún. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kò wo awakọ̀ rárá, ẹ̀bá títì ló ń wò. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó kọjú sí ẹ̀bá títì ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àti pé nígbà tó jẹ́ pé apá òsì títì ni wọ́n ń gbà níbí, apá òsì ni. `Offside` ni apá ọ̀tún, tó kọjú sí àárín títì. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní o fẹ́ yà sósì, dígí wo ni wàá wò torí oníkẹ̀kẹ́ tó lè máa bọ̀ lẹ́yìn, ti `nearside` ni. Mo ní kó ya ọkọ̀ sórí ìwé bí ẹni ń wò ó látòkè, kó fa ìlà ẹ̀bá títì sí òsì rẹ̀, kó sì kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì síbi tí wọ́n wà. Kò ṣì í mọ́ látìgbà náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni `give way`. Ó túmọ̀ rẹ̀ sí “yàgò”, ó sì ń mú ìdáhùn tó ní kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kó jẹ́ kí àwọn tó wà lójú ọ̀nà tó fẹ́ wọ̀ kọ́kọ́ kọjá. Tí ẹnikẹ́ni kò bá bọ̀, kò pọn dandan kó dúró. Àmì `STOP` ló ń ní kéèyàn dúró pátápátá, bí ọ̀nà tiẹ̀ ṣófo.

Èyí tó dùn mí jù ni `must` àti `should`, torí Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún méjèèjì láìṣẹ̀ṣẹ̀ wá a kiri: “gbọ́dọ̀” àti “yẹ kí”. Síbẹ̀ “gbọ́dọ̀” ló ń pe gbogbo rẹ̀. Nínú ìwé òfin ìrìnnà wọn, lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń kọ `MUST` tàbí `MUST NOT` níbi tí òfin bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìmọ̀ràn ni `should`, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè fà á jáde nílé ẹjọ́. Tí ìbéèrè bá wá ń bi í ohun tí òfin pa láṣẹ, ìdáhùn méjì á dà bí òtítọ́ lójú rẹ̀, torí méjèèjì jẹ́ ìwà tó dáa. Ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ òfin. Ẹ fi ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tẹ́ ẹ bá ń kàwé, ẹ sì pè é ní Yorùbá síta.

Ìwà ilé náà tún máa ń dáhùn fún èèyàn. Nílé, ẹni tó bá ṣẹ́ iná ńlá sí ẹ ń sọ pé, “Dúró, mò ń bọ̀.” Níbí, àwọn kan ń fi sọ pé, “Máa bọ̀.” Ìwé wọn kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì: kéèyàn kàn mọ̀ pé ọkọ̀ wà níbẹ̀ ni iná náà wà fún. Iná aláwọ̀ ọsàn tó wà lára iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì ńkọ́? Àbúrò ọkọ mi mú “tètè kọjá”. Dúró ló túmọ̀ sí, àfi tó o bá ti kọjá ìlà, tàbí tó o ti sún mọ́ ọn débi pé ìdúró lójijì lè fa jàǹbá.

Ẹ má sì há ìdáhùn sórí láti inú fóònù. Ìbéèrè ìdánrawò kì í ṣe ti ìdánwò gan-an. Tí wọ́n bá yí `except` tàbí `not` kan wọ inú rẹ̀, ìdáhùn tó wà lórí yín ti di òdìkejì.

Tí kò bá bọ́ sí i, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá kẹ́ ẹ tó tún un ṣe, pọ́n-ùn 23 sì tún ni. Ìwé èsì á sọ ẹ̀ka tẹ́ ẹ ti kùnà, kò ní sọ ìbéèrè náà. Inú ẹ̀ka yẹn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa wá àwọn ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kà kọjá láìdúró wò.