Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ orúkọ wà kí ẹ tó fi háífìn sí i

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ bánà àti ìwé ètò òde l'Abẹ́òkúta, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, bí ọ̀rọ̀ méjì bá para pọ̀ ṣàpèjúwe ọ̀rọ̀ orúkọ tó tẹ̀ lé wọn, ẹ fi háífìn so wọ́n: “a well-known singer”. Bí olórin bá ti ṣíwájú, ẹ tú wọn ká: “a singer who is well known”.

Iwájú ọ̀rọ̀ orúkọ ni òǹkàwé ti máa ń ṣì í kà. Ẹ wo oníṣọ́ọ̀bù kan n'Ítòkú. “Old cloth seller” lè jẹ́ àgbàlagbà tó ń ta aṣọ, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń ta aṣọ àlòkù. “Old-cloth seller” ò ní ìtumọ̀ méjì: aṣọ ló gbó, kì í ṣe ẹni tó ń tà á.

Iye ọ̀pá àdìrẹ ló ń da ọ̀pọ̀ wa láàmú jù. “Five-yard adire” ni kí ẹ kọ, láìsí “s”. Tí iye bá wá lẹ́yìn, “s” á padà, háífìn á lọ: “the adire is five yards long”.

Ẹ má fi háífìn sẹ́yìn “locally” àti irú rẹ̀ o. “Locally dyed adire” ti tó bẹ́ẹ̀, torí “locally” ò lè ṣàpèjúwe aṣọ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ rírẹ ló ń sọ nípa rẹ̀.

Àwọn ìwé atúmọ̀ kan ṣì ń fi háífìn sí “well-known” níbi gbogbo. Tí oníbàárà bá ní bẹ́ẹ̀ ni òun ń fẹ́, ẹ má bá a jà, ẹ ṣáà máa kọ ọ́ bákan náà títí dé òpin ìwé.